Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin Lójú Ìwé Kọkànlélọ́gbọ̀n

Ìye Jésùtómi ni gbogbo wa ń pè é ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Òkìtìpupa. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ìye ni ìyá. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ìjọ ni Salome. Òun ló ń lu agogo, òun ló ń gbé ìwé láti ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà dé yàrá àwọn olùkọ́, òun ló sì ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá mú un wá. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Mi ò rí i kí ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí, mi ò sì gbọ́ kí ó pariwo rí, àní lọ́jọ́ tí ọmọ SS1 kan gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn lójú. Ó di ojú mú, ó mi orí, ó ní kò sí nǹkan, ó bá lọ lu agogo.

Bí ẹ bá rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ pé onísùúrù ni. Ẹ bi í léèrè ohun tó gbé mì.

Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ yẹn. Vivian lorúkọ mi, ọmọ Ìgbòtako ni mí bíi ti Salome, ìjọ Aládùúrà kan náà la sì ń lọ. Mo mọ̀ pé òun àti ìyá rẹ̀, Màmá Susan, ló jọ ń gbé. Màmá ti lé ní ọdún márùnlélọ́gọ́rin, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Salome ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń wọ aṣọ fún un, tó ń ro púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa, fún un, tó sì ń yọ egungun inú ẹja kí ó tó fi sí i lẹ́nu. Gbogbo ìjọ ló ń fi í ṣe àpẹẹrẹ. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀, kí n má purọ́.

Nígbà tí ìkórè ọdún yẹn ń bọ̀, ìjọ ní kí àwa ọmọ ìjọ kọ ìtàn ní Yorùbá. Wọ́n á mú mẹ́ta tó dára jù, wọ́n á sì kà wọ́n lọ́jọ́ ìkórè. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jókòó gbọ́ ìtàn ogójì ojú ìwé nígbà tí ìrẹsì ń tutù lẹ́yìn ilé? Ni wọ́n bá pinnu pé wọ́n á ké ìtàn kọ̀ọ̀kan kúrú sí ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Ìpínrọ̀ yẹn ni àwọn adájọ́ máa fi yàn, òun náà ni wọ́n máa kà sétí ìjọ. Iṣẹ́ kíké kúrú yìí, ọwọ́ Ọ̀gá Àkànmú ni wọ́n fi lé.

Ọmọ Ṣakí ni Ọ̀gá Àkànmú. Òun ni olùkọ́ Yorùbá wa, ọdún mọ́kàndínlógún ló sì ti lò láàárín wa. Mi ò ní í sọ pé kò mọ iṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Mo ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ nígbà tó ń kọ́ àwọn SS2 bí a ṣe ń ké ìtàn kúrú, kò sì sí ẹni tó lè kọ́ wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Ta ni ìtàn dá lé?" ni yóò kọ sójú pátákó. "Kí ló ń wá? Kí ló dí i lọ́wọ́? Níbo ni ìtàn ti yí? Níbo ló parí sí?" Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ṣọ́ọ̀kì gbá pátákó níbi tó kọ "yí" sí. "Ẹ lè yọ ọ̀rẹ́ olórí ìtàn. Ẹ lè yọ aṣọ tó wọ̀, oúnjẹ tó jẹ, gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ. Bí ẹ bá yọ ibi tí ìtàn ti yí, òkú lẹ gbé wá fún mi!" Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Salome, tó ń gbé ìwé kọjá, á dúró díẹ̀ lójú fèrèsé. Mo rò pé ó ń sinmi ni.

Ohun tí ọkùnrin yìí kò gbà ni èdè wa. Ọdún mọ́kàndínlógún, kò kọ́ ju ìkíni lọ. Níwájú ọ̀gá àgbà, lójú èmi àti àwọn olùkọ́ mẹ́fà mìíràn, ó ní èdè inú igbó ni Ìkálẹ̀, pé ó ń ba Yorùbá jẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ. Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí ìsàlẹ̀ ikùn mi, mo sì ń dúró dè é.

Ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, Salome gbé ìwé olójú ewé ọgọ́rin kan wá bá mi nígbà ìsinmi ọ̀sán. "Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá ó nítumọ̀." Ó ti fi bírò kọ ojú ìwé mẹ́tàlélógójì. Kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kankan. Èwo nínú wa ló ń fi sí i?

Adéìfẹ́ lorúkọ ọmọbìnrin inú ìtàn náà, ṣùgbọ́n kò ju ojú ìwé méjì lọ tí mo fi mọ̀ pé Salome ni. Ó jáde ìwé mẹ́wàá lọ́dún 1985, òun ló ṣe dáadáa jù ní kíláàsì rẹ̀. Ó kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Oǹdó. Lẹ́tà àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ kọ̀wé dé. Tirẹ̀ kò dé. Lójoojúmọ́ ló ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá bàbá tó ń pín lẹ́tà ní Ìgbòtako, bàbá náà á sì ní, "Kò tíì dé, ọmọ mi." Ó kọ oṣù mẹ́ta yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, àti bí ó ṣe ń bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ láti àárọ̀ títí tí ọ̀bẹ fi ń gé e lọ́wọ́. Lójú ìwé kẹrìnlélógún, ọkọ̀ tó ń gbé àwọn mẹ́ta náà lọ sílé ẹ̀kọ́ ya sínú igbó lọ́nà Oǹdó, gbogbo wọn sì kú. Ojú ìwé márùn-ún gbáko ló fi kọ ìyẹn. Ẹkún kún ibẹ̀, pósí kún ibẹ̀, orúkọ ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọdún ń gorí ọdún. Adéìfẹ́ lọ́kọ, ọkọ kú, ó wá ń gbé lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn kiri. Lójú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n, ó lọ wo bàbá tó ń pín lẹ́tà nígbà tí bàbá náà wà lórí àìsàn tó pa á. Ó ní, "Bàbá, lẹ́tà mi ọjọ́sí ń kọ́?" Bàbá dáhùn. Ìlà tó tẹ̀ lé e dá dúró, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré:

"Iye lo gba a."

Mo kà á, mo sì pa ìwé dé. Ìye ló gbà á. Ìyá rẹ ló gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi.

Ojú ìwé méjìlá tó kù kò ní ariwo kankan. Adéìfẹ́ padà sílé. Ó gbé omi kaná. Ó wẹ ìyá rẹ̀. Ó yọ egungun ẹja. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́túnla, kò sì sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn parí. Bí ẹ bá mọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn, gbogbo omi tó ń kaná nínú ojú ìwé yẹn ló ń jó yín lára. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ọmọ rere kan lẹ rí tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀.

Mo ní, "Ṣé òótọ́ ni?"

"Ọdún kẹta rèé tí bàbá yẹn sọ ọ́ fún mi. Mo wá inú àpótí ìyá mi. Lẹ́tà náà wà lábẹ́ sùtánà, wọ́n ti ṣí i."

"Ìyá yín kò mọ̀wé."

"Wọ́n ní kí ẹnìkan kà á fún wọn. Ẹni yẹn ti kú." Ó ń fi àtàńpàkò nu ẹ̀yìn ìwé náà. "Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa bó ẹ̀gẹ́, Tísà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Ó ní ẹnu òun kò gbé e. Gbogbo ìgbà tí òun bá ya ẹnu, ọṣẹ ló máa ń wà lọ́wọ́ òun, ara ìyá òun á sì wà níhòòhò níwájú òun bíi ti ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kà á ní ìjọ, tí ìyá òun gbọ́ ọ létí ara rẹ̀ láàárín èèyàn, níbi tí kò ti lè sọ pé irọ́ ni, yóò bojú wo òun. Ohun tí òun fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí ó bojú wo òun lẹ́ẹ̀kan kí ó tó kú.

"Ìpínrọ̀ kan ni wọ́n máa kà," ni mo wí.

"Mo mọ̀. Ọ̀gá Àkànmú kì í yọ ibi tí ìtàn ti yí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn lójú fèrèsé." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn.

Ìtàn mẹ́rìnlá ló dé ọwọ́ Ọ̀gá Àkànmú, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n sì fún un. Ẹni tó mọ ọ̀nà jù náà ló máa ń sáré jù lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, nínú yàrá àwọn olùkọ́, ó na fóònù rẹ̀ sí mi pẹ̀lú ìgbéraga. "Ẹ wá wo ti Salome. Ta ló mọ̀ pé obìnrin yẹn lè kọ̀wé? Yóò mú ipò kìíní." Ohun tí mo kà nìyí:

"Adéìfẹ́, ọmọ tálákà tó mọ̀wé, ń retí lẹ́tà tí yóò mú un wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kò dé. Ó sunkún, ó bínú sí Ọlọ́run. Láìpẹ́, ọkọ̀ tó gbé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe jàǹbá, gbogbo wọn sì ṣègbé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, bàbá kan tó ń pín lẹ́tà là á lójú pé, 'Ìyè lo gbà.' Adéìfẹ́ mọ̀ nígbà náà pé ìfàsẹ́yìn òun ni ìgbàlà òun. Ó fi ìdúpẹ́ padà sílé, ó sì ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́ títí di òní."

Ìyè! Ó fi ohùn Ṣakí ka ọ̀rọ̀ Ìgbòtako. Ohun tó pariwo jù nínú ìtàn, jàǹbá ọkọ̀, ló gbé sí ipò ibi tí ìtàn ti yí, ó wá rí ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan tó bá a mu, ó ju "a" ìkẹyìn nù, ó fi àmì tirẹ̀ sí ìyókù. Bẹ́ẹ̀ sì ni jàǹbá yẹn kò yí nǹkan kan padà nínú ìtàn náà. Ẹ fi ìka bò ó: Adéìfẹ́ á ṣì jókòó ti ẹ̀gẹ́, á ṣì máa béèrè lẹ́tà rẹ̀. Ẹ wá fi ìka bo ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn, kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù.

Ìṣẹ́jú méjì péré ni mo nílò láti sọ ọ́ fún un. Mo rí i. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ó dáa, Ọ̀gá. Ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ bó ṣe rí. Mo fẹ́ kó tẹ́. Mo ti rí i lójú inú: yóò ka ìyè níwájú gbogbo ìjọ, àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ tó kún ibẹ̀ yóò gbọ́ pé kò gbọ́ èdè wọn, Salome yóò sì dìde sọ pé, "Rárá, ìye ni mo kọ." Èdè inú igbó á wá gbá a létí ní gbangba. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán mi lọ́jọ́ náà. Kò sí ibì kankan nínú ìrònú mi tí mo ti bi ara mi pé, ìgbà wo ni Salome dìde sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni rí?

Ọjọ́ ìkórè pé. A wọ funfun, a bọ́ bàtà. Wọ́n gbé Màmá Susan wá sí àga iwájú nítorí pé ìtàn ọmọ rẹ̀ ló mú ipò kìíní. Salome jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì mú sórí itan.

Ọ̀gá Àkànmú dìde. Ohùn rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó ka ti lẹ́tà, ó ka ti jàǹbá, àwọn obìnrin mí kanlẹ̀. Nígbà tó dé ibi bàbá tó ń pín lẹ́tà, Salome yíjú sí ìyá rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó ń dúró.

"Ìyè lo gbà!" ni Ọ̀gá Àkànmú wí.

"Halelúyà!" ni ìjọ dáhùn.

Mo ń wo Salome. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan jáde kúrò nínú rẹ̀, bíi pé wọ́n pa iná. Ó ya ẹnu. Ó tún pa á dé. Mo ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé, dìde, dìde, ṣé o kò ní í dìde ni! Èmi gan-an, tí mo ní ẹsẹ̀ méjì, kò dìde.

Màmá Susan ló nawọ́. Wọ́n gbé gbohùngbohùn bá a. Ó sọ ọ́ ní Ìkálẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ àfi Ọ̀gá Àkànmú. Ó ní, "Ẹ yin Olúwa. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí. Ọma mi rò pé lẹ́tà yẹn kò dé. Ó dé! Èmi ni mo gbà á lójú ọ̀nà oko. Ẹ̀mí ló bá mi sọ̀rọ̀ pé ikú wà lọ́nà Oǹdó. Mo gbé e pamọ́ sínú àpótí mi. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gba ọma mi lọ́wọ́ ikú!"

Oṣù Kẹjọ ni ó gba lẹ́tà yẹn. Oṣù Kẹwàá ni ọkọ̀ ya sínú igbó, kò sì kìlọ̀ fún ìyá ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́ta yẹn. Ẹ̀gẹ́ ló bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀mí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ yẹn náà ni òtítọ́ bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Ìjọ gbéra sókè. Agogo ń dún, àwọn obìnrin ń fò. Wòlíì Dominic, olórí ìjọ wa, fi omijé lójú pe Salome síwájú. "Ọmọbìnrin mi, ṣé o gbọ́ ohun tí ìyá rẹ ṣe fún ọ? Kúnlẹ̀. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó kúnlẹ̀. Màmá Susan na ọwọ́, ó ń wá orí rẹ̀ káàkiri kó tó bà á, ó sì súre fún un pé bí ó ṣe tọ́jú òun, ọmọ tirẹ̀ náà yóò tọ́jú rẹ̀. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Salome náà ṣe àmín. Mo gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Ajé, ó lu agogo lásìkò. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó wọlé bá mi, kò jókòó.

"Tísà, ṣé ẹ rí ìpínrọ̀ yẹn kí wọ́n tó kà á?"

Mo lè purọ́. Ó rẹ̀ mí láti purọ́. "Mo rí i."

"Ẹ mọ̀ pé ìye ni?"

"Mo mọ̀."

Kò bi mí ní ìdí. Ì bá bú mi, ì bá gbá mi létí, ǹ bá mọ ibi tí mo dúró. Ó kàn mi orí, bó ṣe mi orí fún ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn. Ojú tì mí débi pé mo fa ìwé kan yọ, mo ní kó dúró, mo kọ ọ́ níwájú rẹ̀, mo sì fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀:

"Adéìfẹ́ ń retí lẹ́tà tí yóò mú un kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, kò dé, ọjọ́ ayé rẹ̀ sì lọ sídìí iṣẹ́ tí kò fẹ́. Àwọn tí lẹ́tà wọn dé kú lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn ní kó máa dúpẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógójì, bàbá tó ń pín lẹ́tà jẹ́wọ́ fún un lórí ibùsùn ikú rẹ̀ pé ìyá rẹ̀ gan-an ló gba lẹ́tà náà tó sì gbé e pamọ́. Adéìfẹ́ padà sílé láìsọ̀rọ̀, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ìyá náà lójoojúmọ́, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ kan tí ìyá náà kò sọ."

Mo nà án sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó pé, Tísà. Ẹ kò fo nǹkan kan." Ó ká ìwé náà, ó sì dá a padà fún mi. "Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ kà á fún? Lálẹ́ àná, nígbà tí mo ń wẹ̀ wọ́n, mo sọ ọ́. Ẹnu mi gbé e lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní, 'Ìye, ṣé lóòótọ́ ni Ẹ̀mí bá yín sọ̀rọ̀?' Wọ́n bojú wò mí. Wọ́n ń sunkún ayọ̀. Wọ́n ti gbà á gbọ́, Tísà. Wọn ò rántí ti ẹ̀gẹ́ yẹn mọ́."